Àmù Kan fún Kọ̀ǹpútà Méje

Ọjọ́ Sátidé ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ méje jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, láptọ́ọ̀pù wà níwájú kálukú wọn, èmi ni mo sì fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń fi èdè C# kọ sọ́fítíwíà. Ohun èlò tí a nílò ni Visual Studio Community, tí Microsoft ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti ra dátà gígábáítì 20 sórí fóònù mi. Mo ṣí hótísípọ́ọ̀tì, mo ní kí mẹ́ta nínú wọn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí àwọn mẹ́rin tó kù máa wò wọ́n.

Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi máa lù, ọ̀kan nínú wọn pè mí: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí. Ó ti dúró.” Dátà ti tán. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó parí. Mo tún wá ṣe àṣìṣe kejì, èyí tó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ: mo ní kí wọ́n yọ ohun tó ti wọlé kúrò pátápátá, kí a lè bẹ̀rẹ̀ ní tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tí a ti fi owó wa fà wálẹ̀ ni a fi ọwọ́ ara wa dànù.

Owó yẹn kì í ṣe owó kékeré. Láti oṣù Kíní ọdún 2025, nígbà tí àjọ NCC gba àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé iye tí wọ́n ń gbà, dátà tí òbí máa ń rà fún ọmọ láìronú púpọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń jókòó ṣírò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a ṣe lẹ́yìn Sátidé yẹn ní kíkún, nítorí a padà fi Visual Studio sórí láptọ́ọ̀pù méjèèje, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì fà á wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé fáìlì kékeré tí a máa ń tẹ̀ láti fi sọ́fítíwíà ńlá sórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe sọ́fítíwíà náà. Tiwa yẹn kò ju mẹ́gábáítì díẹ̀ lọ. Ọmọ tí a rán lọ sódò ni. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, á wo ohun tí kọ̀ǹpútà yìí nílò, á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, á sì máa pọn ọ́n wálé díẹ̀díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ méje, ìgbà méje ni wọ́n máa lọ sódò kan náà lọ pọn omi kan náà, ìgbà méje la ó sì sanwó ọ̀nà. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí omi ti jìnnà mọ ohun tó yẹ kó ṣe: á pọn omi lẹ́ẹ̀kan, á dà á sínú àmù, gbogbo ará ilé á sì máa bù ú níbẹ̀. Àmù yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Fún àwọn sọ́fítíwíà kan, ẹni tó ṣe wọ́n ti pọn omi náà kún sílẹ̀ fún wa, a kàn ní láti mọ èyí tí a máa mú ni. Lójú ewé Java fún Windows, orúkọ méjì lè wà nílẹ̀: ọ̀kan ní `Online`, èkejì ní `Offline`. Ti àkọ́kọ́ ni ọmọ tí a rán lọ sódò, ti kejì ni àmù tó ti kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Chrome: `ChromeSetup.exe` kéré, ó sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n `ChromeStandaloneSetup64.exe` tóbi, kò sì nílò rẹ̀ láti wọlé. Àmì tó rọrùn jù lọ ni bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Bí wọ́n bá ní sọ́fítíwíà kan ju gígábáítì kan lọ, tí ohun tí o sì gbà kò ju mẹ́gábáítì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwọ kò tíì gba nǹkan kan.

Visual Studio yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Kò sí fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí èèyàn lè gbà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ: ti ẹni tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ti ẹni tó ń ṣe ti fóònù wà níbẹ̀, ti ẹni tó ń ṣe ti Windows náà wà níbẹ̀. Èèyàn fúnra rẹ̀ ló máa sọ ohun tó fẹ́, fáìlì kékeré yẹn yóò sì kó o jọ sínú fọ́dà kan láìtíì fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Fọ́dà yẹn ni Microsoft ń pè ní `layout`. Fáìlì kékeré tí a lò fún ẹ̀dà ọdún 2022 wà ní `https://aka.ms/vs/17/release/vs_community.exe`. A gbé e sínú fọ́dà `Downloads`, a ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, a wọ inú fọ́dà náà, a sì tẹ èyí lórí ìlà kan ṣoṣo:

```
vs_community.exe --layout D:\vs --add Microsoft.VisualStudio.Workload.ManagedDesktop --includeRecommended --lang en-US
```

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. `--layout D:\vs` ń sọ ibi tí àmù wa wà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fún fọ́dà náà ní orúkọ kúkúrú, nítorí ọ̀nà dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ tó lẹ́tà 80. Ẹni tó bá gbé e sínú fọ́dà tó wà nínú fọ́dà mìíràn tó tún wà nínú òmíràn lè rí i pé ó kọ̀. `--add` àti orúkọ gígùn tó tẹ̀lé e ń sọ pé ohun èlò fún sọ́fítíwíà orí Windows nìkan la fẹ́. `--includeRecommended` ń mú àwọn ohun tí wọ́n dámọ̀ràn pẹ̀lú rẹ̀ wá. `--lang en-US` sì ń sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan la fẹ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí ewu wà ni `--add` àti `--lang`. Bí èèyàn bá gbàgbé wọn, ọmọ tí a rán kò ní bi wá pé èwo la fẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú Visual Studio, ní gbogbo èdè tó ní, ni yóò máa pọ̀n wá, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáítì tí ẹnì kankan nínú yàrá wa kò ní lò láyé. Kí èèyàn tó tẹ bọ́tìnì, kó tún àṣẹ náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà kan yìí ló ń sọ iye owó tí ó máa ná.

Tiwa sún mọ́ gígábáítì 8. Bí a bá jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù méjèèje fà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gígábáítì 56 nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye dátà nìkan kọ́ ni ìṣòro, àkókò náà wà níbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa ń sáré tó mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka èyí sí mẹ́gábáítì 2, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bíìtì 8 ló wà nínú báítì kan, nítorí náà mẹ́gábíìtì 2 jẹ́ kílóbáítì 250 péré. Bí a bá pín gígábáítì 8 sí kílóbáítì 250, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 32,000, ìyẹn bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ kò ní jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, kó máa rò pé ó ti bàjẹ́.

A wá ra dátà òru, èyí tó pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ lówó kan náà. Tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ láago méjìlá òru, ó sì máa ń parí láago márùn-ún ìdájí. Wákàtí márùn-ún ní kílóbáítì 250 jẹ́ gígábáítì mẹ́rin àbọ̀. Ó túmọ̀ sí pé òru kan kò tó, ṣùgbọ́n òru méjì á tó, á sì ṣẹ́kù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ sórí bébà: òru àkọ́kọ́ mẹ́rin àbọ̀, òru kejì mẹ́ta àbọ̀. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló máa ṣiṣẹ́. Ti ọmọ kan tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára la yàn, torí bí iná bá lọ lóru, kò sí ẹni tó máa dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí sọ́fítíwíà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, Visual Studio nìkan kọ́ ló jẹ gígábáítì 20 wa. Bí Windows bá ti rí Wáìfáì, á rò pé ilé olówó lòun wà, á máa fa àtúnṣe tirẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn wa, àwọn sọ́fítíwíà mìíràn á sì máa fi fọ́tò àti ìwé ránṣẹ́ síbi ìpamọ́ wọn. Kí òru àkọ́kọ́ tó dé, mo wọ inú ètò Wáìfáì láptọ́ọ̀pù yẹn, mo tẹ orúkọ hótísípọ́ọ̀tì wa, mo sì tan `Metered connection`. Èyí ń sọ fún Windows pé owó la fi ń ra íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, òun náà á sì dín ọ̀pọ̀ ìfàkúfà rẹ̀ kù. Mo tún sọ fún láptọ́ọ̀pù náà pé kò gbọdọ̀ sùn bó bá wà lórí iná. Láptọ́ọ̀pù tó bá sùn láago kan òru ti dá iṣẹ́ dúró, dátà òru á sì kú síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kò hàn sí mi tẹ́lẹ̀. Hótísípọ́ọ̀tì àwọn fóònù kan máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ bí kò bá rí ẹni tó ń lò ó, fóònù sì máa ń gbóná tí bátìrì rẹ̀ á tán bó bá ń tan Wáìfáì fún wákàtí márùn-ún. Wáyà tí a fi ń ṣájì fóònù yanjú méjèèjì. Bí a bá ki wáyà náà bọ láptọ́ọ̀pù, tí a sì tan `USB tethering` lórí fóònù, dátà á gba inú wáyà kọjá, fóònù á sì máa gba iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ tún tan `Metered connection` fún wáyà náà, torí Windows kà á sí ọ̀nà mìíràn, kò mọ̀ pé fóònù kan náà ni.

Lóru kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láago méjì kọjá díẹ̀. Nígbà tí mo jí, iṣẹ́ ti dúró, ojú dúdú sì ń sọ pé àwọn nǹkan kan kò wọlé. Ibi yìí gan-an ni mo ti sọnù ní Sátidé àkọ́kọ́. Kò yẹ kí èèyàn pa ohunkóhun rẹ́. Ṣe ni kí ó tún tẹ àṣẹ kan náà, sí fọ́dà kan náà. Á wo ohun tó ti wà nínú àmù, á fò wọ́n, á sì lọ pọn èyí tó kù. Fọ́dà náà kì í ṣe fáìlì ńlá kan tó lè bàjẹ́ lápapọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpò kéékèèké ni, àpò tó ti wọlé tán kò ní í wọlé mọ́. Èyí tó ń wọlé lọ́wọ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nìkan la pàdánù.

Nígbà tó parí, n kò gbà pé ó pé bẹ́ẹ̀. Mo tẹ èyí:

```
vs_community.exe --layout D:\vs --verify
```

Àṣẹ yìí ń yẹ àpò kọ̀ọ̀kan wò, ó ń kọ orúkọ èyí tí kò sí tàbí tó bàjẹ́ jáde. Méjì ló dárúkọ fún wa. Bí a bá fi `--fix` rọ́pò `--verify`, á pa àwọn tó bàjẹ́ rẹ́, á sì tún fa àwọn nìkan wálẹ̀, èyí sì nílò dátà díẹ̀. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Àpò kan tó bàjẹ́ nínú fọ́dà máa ń dákẹ́ títí tí a ó fi gbé e dé orí kọ̀ǹpútà kẹta tàbí ìkẹrin, níbi tí kò ti ní sí íńtánẹ́ẹ̀tì láti tún un ṣe.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé fáìlì ńlá kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fà wálẹ̀, bíi LibreOffice, ọ̀nà tiyín rọrùn ju èyí lọ. Windows 10 àti 11 ní `curl` nínú, ó sì lè tẹ̀síwájú láti ibi tó dé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, bí ibi tí fáìlì náà wà bá gbà á láyè:

```
curl -L -C - -O https://...
```

Ẹ fi àdírẹ́sì fáìlì náà sí ibi tí àmì tó-tò-tó wà, kí ẹ sì máa tún un tẹ̀ nígbàkigbà tó bá já. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `certutil -hashfile` àti orúkọ fáìlì náà pẹ̀lú `SHA256` wo nọ́ńbà gígùn tí yóò jáde. Bó bá bá èyí tí àwọn tó ṣe é kọ sójú ewé wọn mu, fáìlì yín pé. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, kò pé, ẹ má fi sórí kọ̀ǹpútà.

Ó wá ku gbígbé kiri. Mo ní háàdì dísìkì ìta kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi `robocopy D:\vs E:\vs /E` da fọ́dà náà kọ sí i, torí bí wáyà bá yẹ̀ láàárín, mo lè tún un tẹ̀, àwọn tó ti kọjá kò ní í tún kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ lo fláàṣì kó ṣọ́ra fún ohun kan. Ọ̀pọ̀ fláàṣì ló wà ní ìrísí `FAT32`, tí kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáítì mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà á ní fáìlì náà ti tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààyè ṣì pọ̀ lórí fláàṣì náà, èèyàn á sì máa rò pé fláàṣì ti bàjẹ́. Fọ́dà tiwa kò kó sínú ìṣòro yìí nítorí àpò kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fáìlì kan á bá a pàdé. Kó ko ohun tó wà lórí fláàṣì náà kúrò, kó yí i padà sí `exFAT`, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, ọmọ méjèèje tún pé. Mo ní kí wọ́n pa Wáìfáì, mo pa dátà fóònù tèmi náà lójú wọn. Ìdánwò tó dájú jù lọ nìyẹn: ohun tó bá wọlé nígbà tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, inú àmù ló ti wá. A ki háàdì dísìkì bọ láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, a sì tẹ èyí:

```
E:\vs\vs_community.exe --noWeb --add Microsoft.VisualStudio.Workload.ManagedDesktop --includeRecommended
```

`--noWeb` ń sọ pé kó má wá nǹkan kan síta, inú fọ́dà yìí ni kó ti bu gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá lọ yan ohun tí kò sí nínú fọ́dà náà, á kọ̀, kò ní í yọ́ lọ fi dátà rà á. Láptọ́ọ̀pù mẹ́fà gbà á láìwí nǹkan kan. Ìkeje kọ̀, ó ní òun kò lè fọkàn tán ìbuwọ́lù tó wà lára àwọn àpò náà. Láptọ́ọ̀pù yẹn ti pẹ́ láìrí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà Windows rẹ̀ kò mọ àwọn tó buwọ́ lù ú. Nínú fọ́dà wa, fọ́dà kékeré kan wà tó ń jẹ́ `Certificates`. A tẹ àwọn fáìlì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a yan `Install`, a tún bẹ̀rẹ̀, ó sì wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, méjèèje ti ṣí Visual Studio, ọmọ tó pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sójú fèrèsé kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, nítorí sọ́fítíwíà irú èyí máa ń padà bẹ̀rẹ̀ sí í fa dátà lẹ́yìn tó ti wọlé tán. Ó ní àmù tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ní `C:\ProgramData\Microsoft\VisualStudio\Packages`. Ibẹ̀ ló ti máa ń mú ohun tó nílò bí a bá fẹ́ tún un ṣe. Ọmọ kan rí i pé ó gba ààyè púpọ̀, ó sì fẹ́ pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀. Ààyè orí háàdì dísìkì tí a ti sanwó rẹ̀ dín owó ju dátà tí a kò tíì rà lọ.

Ohun tí mo ní láti tètè ṣe fún wọn jù ni ti àwọn àpò tí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ máa ń béèrè. Nígbà tí a dé ibi tí a ti nílò `Newtonsoft.Json`, Visual Studio fẹ́ lọ síta lọ mú un wá. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan lọ, mo wá da fọ́dà `.nuget\packages` tó wà nínú fọ́dà orúkọ mi kọ sí ibi kan náà lórí tiwọn. Bí iṣẹ́ wọn bá ti dárúkọ ẹ̀dà kan náà gan-an tí mo gbà, kò ní í wá a níta mọ́. Bí ẹ̀dà wọn bá yàtọ̀ sí tèmi, á wá a, nítorí náà èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sójú pátákó.

Ti àtúnṣe ló ṣì ń jà mí lọ́kàn. Visual Studio máa ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé ẹ̀dà tuntun ti dé, bọ́tìnì `Update` á sì máa pè wọ́n. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ lórí dátà tiwọn. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n wà lórí ẹ̀dà àtijọ́ títí láé, torí àtúnṣe àbò wà lára ohun tó ń wọlé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, mo máa ń tún àṣẹ `--layout` tẹ̀ sí fọ́dà `D:\vs` kan náà lóru. Àpò tó yí padà nìkan ló ń wọlé, tó bá sì di Sátidé tó tẹ̀lé e, háàdì dísìkì náà á tún lọ láti ọwọ́ ọmọ kan sí ọwọ́ èkejì yí tábìlì ká.